Àfídáfíìtì Kò Sọ Agbẹjọ́rò Di Ẹ̀rọ

Bí ènìyàn bá dúró ní Lágere tó ní "Ilé-Ifẹ̀ oòdáyé", ẹni tó wà nítòsí á gbà á lẹ́nu rẹ̀: "ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá." Kò ní rò ó rárá. Irú ọ̀rọ̀ àmọ̀tẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìwé wò lóde òní ń wá kiri, kí wọ́n tó sọ pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ló kọ ọ́. Òun náà ló sì kó agbẹjọ́rò kan nílùú yìí sí wàhálà.

Ọkùnrin náà ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó wá ń kàwé kún ìwé. Ó kọ orí kejì iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sórí ìwé gbẹẹrẹ, akọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Wọ́n ní kó lọ tún un kọ, kó sì kọ lẹ́tà pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó bi wá pé kí ni òun fẹ́ tọrọ àforíjì lé lórí.

Ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tó kọ̀wé, kò sì rí i nígbà tó ń kọ ọ́. Ńṣe ló ń ka ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó ń wò ó bóyá òun ì bá ti mọ̀ pé èyí ló kàn. Bó bá ń mọ̀ ọ́n léraléra, ìfura á máa pọ̀ sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lù ú láìròtẹ́lẹ̀, ìfura á dínkù. Àwọn kan, bíi GPTZero tó jáde ní ọdún 2023, tún ń wo gígùn gbólóhùn: ènìyàn a máa kọ gígùn, kó wá fi kúkúrú kan tì í, ọgbọ́n àtọwọ́dá a sì máa kọ wọ́n dọ́gba. Èrò náà kò burú, torí ọgbọ́n àtọwọ́dá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ wo àfídáfíìtì. Abala 115 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni kó wà nínú rẹ̀: kò gba àríyànjiyàn, kò gba ẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń parí ìwé ìbúra náà, pé ẹni tó ń búra gbà á lọ́kàn pé òótọ́ ni, inú Òfin Ìbúra ni wọ́n ti ń mú un. Agbẹjọ́rò tó bá kọ "ayálégbé" ní ìpínrọ̀ kìíní kò gbọ́dọ̀ pè é ní "ẹni tó háyà ilé" ní ìpínrọ̀ kẹrin, torí alátakò á bèèrè bóyá ẹni méjì ni. Níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ́n kọ́ wa pé kí á má tún ọ̀rọ̀ kan sọ jù. Ní kóòtù, títún un sọ ni ààbò. Ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ irú èyí, báwo ni yóò ṣe bọ́ ọ sílẹ̀ bíi gèlè nígbà tó bá jókòó ti ìwé ẹ̀kọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríátì náà ńkọ́, tó jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà wọn ló ń bẹ̀rẹ̀ pé "a pàṣẹ fún mi láti"?

Ohun tó tún mú un burú sí i ni pé òfin, ìdájọ́ kóòtù àti ìwé ìjọba wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ó ti mọ wọ́n lórí. Ní ọdún 2023, wọ́n ti ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní 1787 sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò, ó ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ta ló ní kọ̀ǹpútà nígbà náà?

Ilé iṣẹ́ OpenAI tó ṣe ChatGPT gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò tiwọn jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Nínú àyẹ̀wò tí àwọn fúnra wọn ṣe, ìwé 26 péré ló rí mú nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀rọ kọ, ó sì fẹ̀sùn kan 9 nínú ọgọ́rùn-ún tí ènìyàn kọ. Ní kíláàsì igba akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni tó rẹ́ni jẹ, ènìyàn 18 ni irú rẹ̀ á sọ di ọ̀daràn. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kó o kúrò nílẹ̀.

A kò sọ pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ẹ̀rọ kọ̀wé. Wọ́n pọ̀. Ohun tí a ní kò tọ́ ni kí iye tí ẹ̀rọ mú wá dá ènìyàn lẹ́bi láìsí ẹ̀rí mìíràn. Kí olùkọ́ pè é, kó bi í ní ìbéèrè lórí ohun tó kọ, kó ní kó kó àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ wá. Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: kí wọ́n mú ìwé tí ẹni náà kọ ṣáájú oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí ChatGPT kò tíì dé ọwọ́ aráyé, kí wọ́n ti í sínú ẹ̀rọ kan náà. Bí ìfura bá ga níbẹ̀ náà, a jẹ́ pé bí ẹni náà ṣe ń kọ̀wé ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Ìwé ìbúra ọdún 2014 ṣì wà nínú fáìlì agbẹjọ́rò wa. Ó ti gbé e lọ bá wọn, àmọ́ wọn ò tíì dá a lóhùn.