Ajá tó bù ọ́ jẹ lójú àlá, ta ni?

Ẹ jẹ́ ká mú àlá kan ṣoṣo. Ajá dúdú ńlá kan já jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó bu alálàá jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ wúwo, kò ṣeé sá. Ó fẹ́ ké, ohùn ò jáde, ló bá ta jí. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń bèèrè ni pé, "Ta ni ajá yẹn?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn gan-an ló ń kó bá wa, torí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn kan ló wà nídìí ajá náà.

Àwọn atúmọ̀ àlá láyé àtijọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Artemidorus, ará Gíríìkì tó gbáyé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, kọ ìwé márùn-ún lórí ìtumọ̀ àlá. Lójú tirẹ̀, ìkookò ni ọ̀tá tó ń jà ní gbangba, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ni èyí tó ń dọdẹ ẹni lábẹ́lẹ̀. Ajá tìẹ dúró fún àwọn ará ilé àti ohun ìní rẹ. Bó bá jẹ́ ajá onílé mìíràn ló bù ọ́ jẹ, ibi ń bọ̀ láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bàbá yìí kì í ṣàdédé túmọ̀ o. Ó ní kí atúmọ̀ kọ́kọ́ mọ ta ni alálàá, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ṣé olówó ni àbí tálákà, ara rẹ̀ dá àbí kò dá. Ìdí rèé tí àlá kan náà fi lè jẹ́ ire fún ẹnì kan, kó jẹ́ ibi fún ẹlòmíràn. Apá yìí ni àwọn tó ń pín àkọsílẹ̀ "ajá = ọ̀tá" kiri gé sọnù. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń nàka sí aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀sìn wàyí. Nínú Dáníẹ́lì orí 7, ẹranko mẹ́rin tó ń bani lẹ́rù jáde láti inú òkun, ẹsẹ 17 sì sọ ohun tí wọ́n jẹ́: ọba mẹ́rin. Kò sí ọ̀rọ̀ aládùúgbò níbẹ̀. Nínú hádíìsì, oríṣi mẹ́ta ni àlá: èyí tó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, èyí tí èṣù fi ń ba ènìyàn lọ́kàn jẹ́, àti èyí tí ọkàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Ẹni tó bá lá àlá burúkú yóò tu itọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí òsì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò fi Ọlọ́run sádi, yóò yí ẹ̀gbẹ́ tó fi sùn padà, kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn èyí tó gbẹ̀yìn yẹn jù, torí òun gan-an la kì í ṣe. Ká tó fojú kan omi ìbọ́jú, a ti pe ẹni márùn-ún lórí fóònù.

Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá náà kò fẹnu kò. Carl Jung á ní apá kan nínú ìwọ fúnra rẹ tí o kọ̀ láti gbà ni ajá náà, bóyá ìbínú tí o ń gbé mì. Antti Revonsuo, ní ọdún 2000, dábàá pé ńṣe ni ọpọlọ ń fi àlá dánra wò de ewu. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ajá lè máà ju ajá lọ. Ní ti ẹsẹ̀ tó wúwo, lásìkò oorun tí àlá máa ń hàn ketekete jù, ọpọlọ máa ń ti iṣan ara pa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni alálàá ń kà sí pé wọ́n so òun mọ́lẹ̀.

Bí ajá náà bá ń padà wá, ọ̀nà kan wà tí àwọn oníṣègùn ń lò. Kọ àlá náà sílẹ̀ lójú ọ̀sán. Yí i padà bó ṣe wù ọ́: ilẹ̀kùn lè tì mọ́ ajá náà, ó sì lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójúmọ́ wo àlá tuntun yìí lọ́kàn, ojú rẹ ò gbọ́dọ̀ kún fóorun. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kéèyàn máa tún ti àtijọ́ rò, tàbí kó fi àlá tó bani lẹ́rù jù lọ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó rọjú ni kó kọ́kọ́ mú.

Àlá kan wà ṣá tí kò yẹ kó dúró lọ́dọ̀ atúmọ̀ kankan. Bí alálàá bá ń ta ìpá ní ti gidi, tó ń lu ẹni tí wọ́n jọ sùn bó ṣe ń bá ẹranko jà, títì tó yẹ kí ọpọlọ ti iṣan pa lójú oorun ló kùnà. Ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún ló wọ́pọ̀ sí lára, ó sì lè ṣáájú àìsàn Páákínsìn tó ń mú ara gbọ̀n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tún lè fà á, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún má dá a dúró láìbi dókítà. Kí wọ́n kó ohun tó mú ṣáṣá kúrò nítòsí ibùsùn, kí ẹni kejì kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún dókítà, torí ẹni tó ń jà kì í sábà mọ̀ pé òun jà.