Bí ìtumọ̀ ẹ̀rọ bá tilẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìyẹ̀, ó ṣì lè ṣini lọ́nà

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀nà kan wà tí a fi lè yẹ ìtumọ̀ ẹ̀rọ wò láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu: kí á dá Yorùbá tí ẹ̀rọ kọ padà fún un, kí ó tún sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Bí Gẹ̀ẹ́sì kejì bá bá ti àkọ́kọ́ mu, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò yìí lè fi gbólóhùn tó fò hàn, tàbí iye tó yí padà, tàbí "má" tó sọnù. Ohun tí kì í sábà fi hàn ni ohun tí òǹkàwé yóò ṣì gbọ́. Ẹ̀rọ tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àṣìṣe lálọ lè fi ọ̀rọ̀ kan náà padà bọ̀, ojú àpá á sì jinná kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi aláró kan ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ kọ ìwé pélébé mọ́ àdìrẹ tó ń tà. Gẹ̀ẹ́sì ọwọ́ rẹ̀ sọ pé kí oníbàárà fọ aṣọ náà lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kó má sá a sóòrùn, kó sì pe aláró bó bá ní ìbéèrè. Ohun tí wọ́n lẹ̀ sójú ìwé látinú ẹ̀rọ nìyí:

"Fọ aṣọ yi nikan pẹlu omi tutu. Ma ṣe gbẹ ninu oorun. Ti o ba ni ibeere, pe wa."

Bí wọ́n bá dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jáde láìlábàwọ́n. Ẹ wá kà á bí oníbàárà tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rí.

"Fọ aṣọ yìí nìkan" ń sọ fún un pé nínú gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀, èyí nìkan ni kó fọ̀. Aláró ò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Aró tuntun máa ń ṣí díẹ̀ nínú omi, funfun tó bá wà nínú ọpọ́n kan náà á sì gbà á. Kí á kọ ọ́ gbangba: "Ẹ má fọ aṣọ yìí pọ̀ mọ́ òmíràn." Bí ẹ bá ń ṣàlàyé àtúnṣe yìí fún ẹni tó ni iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ gírámà fún un. Ẹ sọ ohun tí oníbàárà ì bá ṣe àti aṣọ tí ì bá bàjẹ́, ìyẹn tó.

"Má ṣe gbẹ" ló burú jù. Aṣọ ló ń gbẹ fúnra rẹ̀; ẹni tó ń tẹ́ ẹ ń sá a ni. Bó ṣe wà yìí, oníbàárà ni wọ́n ń kìlọ̀ fún pé kó má gbẹ. "Oorun" tí kò lámì tún dá kún un: oòrùn ni ti ojú ọ̀run, oorun ni èyí tí à ń sùn, òórùn sì ni èyí tí imú ń gbọ́. Ẹ̀rọ á wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká, á sì mú ti ojú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí àmì tó sọnù kì í fi í hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì tó padà wá.

"Ti o bá" ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Gẹ̀ẹ́sì ò ya "o" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ", nítorí náà kò sí bí ìdápadà ṣe lè gbé e jáde. Ní ti "pẹ̀lú omi tútù", ó yéni, ṣùgbọ́n "fi" ló bá Yorùbá mu níbẹ̀: a máa ń fi omi fọṣọ ni. Bí a bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe, bó ṣe máa rí nìyí:

"Ẹ má fọ aṣọ yìí pọ̀ mọ́ òmíràn. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má sá a sóòrùn. Ibi ìbòòji ni kí ẹ sá a sí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ pè wá."

Àyẹ̀wò tó yẹ kó gba ipò ìdápadà ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ ka Yorùbá náà sókè fún ẹni tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba. Ẹ má bi í pé ṣé ó yé e, torí "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ ní kó sọ ohun tó máa ṣe, látìgbà tó bá gbé aṣọ délé títí tí aṣọ á fi gbẹ. Ibi tí àlàyé rẹ̀ bá ti yà kúrò lára ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ tún ṣe.

Ẹnìkan ṣì lè fi ìwé tí ẹ tún ṣe yìí fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ ka "sá" sí ti ẹni tó ń sá lọ, kí Gẹ̀ẹ́sì wọ́. Òun á wá bẹ̀ yín pé kí ẹ dá "gbẹ" padà. Ẹ má gbà.