Ta ló ń ka ìwé owó iléeṣẹ́ omi?

Ẹni tó bá gba Pákátà tàbí Ọjà-Ọba kọjá ní Ìlọrin ní ìdájí yóò rí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tò gbọọrọ sídìí kànga ẹ̀rọ, tí àwọn ọmọ dúró tì í kí wọ́n tó lọ síléèwé. Mẹ́rúwà náà ti ń ti ọmọlanke bọ̀. Ẹni tí omi tán nílé rẹ̀ kì í ráyè ná ọjà, nítorí omi kì í ṣe ohun téèyàn lè ní òun kò rà lónìí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdí tí ìjọba fi ń dá iléeṣẹ́ omi sílẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ ta omi ẹ̀rọ ní láti kọ́kọ́ sé odò, bí wọ́n ṣe sé odò Asà, kó ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, kó mọ adágún tí wọ́n ti ń fi álọ́ọ̀mù mú kí ìdọ̀tí so pọ̀ kó sì rọ̀ sísàlẹ̀, kó sẹ́ omi náà nínú yanrìn, kó fi kiloríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀, kó tó wá ri páìpù dé àdúgbò. Owó gọbọi ti wọlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Bó bá sì ti ri páìpù tirẹ̀ tán, kò sí oníṣòwò tó gbọ́n tó máa wá ri òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni yóò máa tà, iye tó bá wù ú ni yóò sì máa pè. Ìjọba kò lè fi irú agbára bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan kó sì máa wòran.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìjọba kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mínísírì, tó fi lọ dá àjọ mìíràn sílẹ̀? Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní 1950 ni wọ́n dá àjọ iná mànàmáná ECN sílẹ̀. Ní 1955 wọ́n sọ iléeṣẹ́ ojú irin, tí ọ̀nà rẹ̀ gba Ọ̀fà wọ Ìlọrin, di àjọ tó dá dúró, lẹ́yìn tó ti jẹ́ ẹ̀ka ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n rò kò le. Bí álọ́ọ̀mù bá tán lọ́jọ́ Jímọ̀, omi kò lè dúró de fáìlì tó ń ti orí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà ni òfin ṣe fún àjọ náà ní orúkọ tirẹ̀, àpò tirẹ̀ ní báńkì, àti bọ́ọ̀dù tí yóò máa darí rẹ̀, kí ó lè rà, kí ó lè tà, kí wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́.

Àǹfààní yìí náà ni wàhálà rẹ̀. Ẹni tó lè ra álọ́ọ̀mù láìbéèrè lè ná owó mìíràn láìbéèrè pẹ̀lú. Ẹ̀rù èyí ló ń mú kí ìjọba dá ọwọ́ padà: gómìnà ló ń yan bọ́ọ̀dù, òun náà ló ń tú u ká. Ìjọba ló sì ń fọwọ́ sí iye tí wọn yóò ta omi. Bí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ta ni yóò fi kún un? Báyìí ni àjọ tí wọ́n ní kó dá dúró ṣe di ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà ní dídè níbi tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́, tó sì wà ní títú níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kékeré kan wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ìṣirò iléeṣẹ́ kankan. Ká ní 100 kẹ́ẹ̀gì omi jáde láti ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, tí kẹ́ẹ̀gì kan ń ná wọn ní náírà 10. Náírà 1,000 ti lọ nìyẹn. 35 jò dànù nínú páìpù tó ti gbó. 25 lọ sí ilé tí kò ní mítà, sí ibi tí wọ́n ti fà á lábẹ́lẹ̀, àti sí ọ́fíìsì ìjọba tí kì í sanwó. 40 péré ni wọ́n rówó gbà lé lórí, náírà 8 sì ni ìjọba ní kí wọ́n tà á. 320 ló wọlé. Ìjọba ní láti fi 680 kún un.

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà léèrè, wọn yóò ní iye tí ìjọba ní ká ta omi ló ń pa wá. Òótọ́ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ta 40 kẹ́ẹ̀gì yẹn ní náírà 10, 400 ni yóò wọlé. Náírà 80 péré nínú gbèsè náà ló jẹ́ ti ìjọba tó dín owó omi kù. 600 yòókù jẹ́ ti páìpù tó ń jò àti omi tí kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù ti da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ẹni tó jẹ̀bi.

A lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bí mítà ńlá bá wà níbi tí omi ti ń jáde. Níbi tí kò bá sí, wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò omi, wọn yóò sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye omi tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà pé ó ń fà ní wákàtí kan nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Ẹ̀rọ tó ti gbó kì í fa omi tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rò pé omi ń jò ju bó ṣe ń jò lọ, tàbí kí àwọn kan fi jíjò bo olè jíjà mọ́lẹ̀.

Ta ló wá yẹ kó rí i? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé Olùyẹ̀wé-owó Àgbà ìpínlẹ̀ ló ń yẹ ìwé àwọn àjọ wọ̀nyí wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 125 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní òun kọ́ ni yóò yẹ ìṣirò owó wọn wò, òun kọ́ sì ni yóò yan ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò kó orúkọ àwọn ayẹ̀wé-owó tó kúnjú ìwọ̀n fún wọn, yóò sọ ìwọ̀n owó iṣẹ́ tí wọ́n lè san, àjọ náà yóò sì yan ẹni tó bá wù ú nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹni náà bá kọ. Bí ìwé kò bá dé, kí ni yóò sọ̀rọ̀ lé lórí? Abala yìí kan náà fún un lágbára láti máa yọ sí wọn látìgbàdégbà kó yẹ̀ wọ́n wò, ṣùgbọ́n agbára yẹn ń fẹ́ òṣìṣẹ́ àti owó ọkọ̀, gómìnà tí iléeṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì ń tú owó sílẹ̀.

Àwọn kan ní ká kúkú tà á. Wọ́n ta pípín iná fún aládàáni ní 2013, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ mítà àti bíìlì àfojúdá kò tán nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ iye omi tó ń jáde kò lè tà á ní iye tó tọ́, kò sì lè ṣọ́ ẹni tó bá rà á.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara ni pé kí òfin dá ọjọ́ fún gbogbo àjọ ìpínlẹ̀: oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ọdún bá parí, kí ìwé owó tí wọ́n ti yẹ̀ wò wà lọ́wọ́ Olùyẹ̀wé-owó Àgbà àti lọ́wọ́ aṣòfin, kí ará ìlú sì rí i kà. Àjọ tí kò bá mú un wá, kí wọ́n san owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ yòókù dúró, yàtọ̀ sí ti kiloríìnì àti álọ́ọ̀mù, nítorí aláìsàn tí omi búburú bá pa kò mọ ohunkóhun nípa ìwé. Kí sáà bọ́ọ̀dù má sì máa parí lọ́jọ́ tí gómìnà bá parí tirẹ̀. Iye tí ìjọba bá sì dín kù lórí owó omi, kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀ sínú ìsúnná, lórúkọ ìjọba, kó má fara pamọ́ sábẹ́ gbèsè iléeṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ omi bá tún wá síwájú ìgbìmọ̀ láti gbèjà ìsúnná, kí wọ́n má kọ́kọ́ bi í léèrè iye tó ń fẹ́. Kí wọ́n bi í pé: omi mélòó ló jáde lọ́dún tó kọjá, mítà wo lo fi wọ̀n ọ́n, mélòó ni wọ́n sanwó rẹ̀?