Kì Í Ṣe Gáàsì Ló Tán, Ẹ́ńjìnnì Fíríìjì Yín Ni Kò Rí Ìsinmi!

Ẹ gbà mí o! Ta ló sọ fún àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe nílùú Ìlọrin pé gbogbo yìnyín tó bá ti dì mọ́ ògiri ẹ̀yìn nínú fíríìjì, gáàsì ló tán? Láti Tankẹ dé Sángò, láti Ọjà Ọba dé Gàá Àkàńbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á rí yìnyín, wọ́n á mirí, wọ́n á ní, “Gáàsì yín ti tán.” Wọn ò ní dúró gbọ́ bóyá ẹ́ńjìnnì ń sinmi. Wọn ò ní fọwọ́ kan rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Wọn ò tiẹ̀ ní wo nọ́ńbà tí wọ́n yí kóńtíróòlù sí. Owó gáàsì ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lé onílé. Iṣẹ́ yìí lèmi náà ń ṣe jẹun, ìdí sì nìyẹn tí inú fi ń bí mi tó báyìí.

Apá ibi tí a ń gbé ọbẹ̀, ẹ̀fọ́ àti wàrà sí ni mò ń wí, kì í ṣe fírísà tó wà lókè rẹ̀. Fíríìjì tí kò ní fáànù nínú ni mo sì ń sọ, èyí tó pọ̀ jù nílé wa. Páìpù tó ń mú nǹkan tutù wà lẹ́yìn ògiri ike funfun yẹn gan-an. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ògiri náà á tutù kọjá ibi tí omi ti ń dì, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ ọn, á di yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, yìnyín yẹn á yọ́, omi rẹ̀ á ṣàn wálẹ̀ sínú ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ògiri, á gba ibẹ̀ lọ sínú àwo tó wà lórí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ooru ẹ́ńjìnnì á sì fà á gbẹ. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Yìnyín tín-ín-rín tó ń wá tó ń lọ, àmì ìlera ni. Ẹni tó bá gba owó yín nítorí rẹ̀, ó rẹ́ yín jẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì fẹ́ yéni rèé: kóńtíróòlù irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tún gbéra títí ògiri ẹ̀yìn á fi gbóná dé nǹkan bíi 4 tàbí 5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Bí ẹ yí i sí 1, bí ẹ yí i sí 7, ibi tó ti ń gbéra kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ibi tó ti ń dúró ni nọ́ńbà ń yí. Nítorí náà yíyí i sí 7 kò lè mú kí oúnjẹ tètè tutù rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹ́ńjìnnì á máa sáré títí ògiri á fi tutù kọjá ààlà, nígbà mìíràn kò sì ní dúró mọ́. Bí kò bá dúró, yìnyín kò ní yọ́. Bí yìnyín bá nípọn, òun fúnra rẹ̀ á di aṣọ òtútù tí a fi bo ògiri, tútù kò ní rí ọ̀nà jáde sára oúnjẹ. Ọbẹ̀ tó wà níwájú á kan, onílé á ní fíríìjì kò tutù, á tún yí kóńtíróòlù sókè sí i. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá!

Ní ìgbà tí iná kì í dúró lọ́wọ́ wa, àìsí iná gan-an ló ń bá wa yọ́ yìnyín yìí. Gbogbo èèyàn ló yí kóńtíróòlù dé òpin kí omi lè tètè dì kí iná tó lọ. Ní àdúgbò tí iná ti wá ń pẹ́ díẹ̀ báyìí, kóńtíróòlù ṣì wà lórí 7, ẹ́ńjìnnì ń sáré tọ̀sán-tòru, ni wọ́n bá ń pe ẹni tí yóò wá fi gáàsì sí i.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti Àlàájà kan ládùúgbò wa tó ń ta wàrà. Kóńtíróòlù fíríìjì rẹ̀ bàjẹ́, ẹnìkan bá a pààrọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn lẹ́yìn. Ó tún pe ọkùnrin náà, òun náà sì ní gáàsì ti tán, ó gbowó, ó fa gáàsì sí i láìní òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́. Yìnyín kò dín kù. Páìpù tó ń padà bọ̀ sẹ́nu ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn fíríìjì wá ń làágùn, òun náà ń di yìnyín. Wàrà tó sún mọ́ ògiri ti dì gbagidi, bó bá sì yọ́, wẹ́wẹ́ ló ń fọ́, oníbàárà kò gbà á. Ìyẹn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn sì ti kan. “Ọmọ mi,” Àlàájà sọ fún mi, “owó ọjà mi ló ń jẹ yìí o.”

Mo ṣílẹ̀kùn, ojú yìnyín nìkan ti sọ pé irọ́ ni wọ́n pa fún un. Ó bo gbogbo ògiri láti òkè délẹ̀, ó sì dọ́gba. Bí gáàsì bá dín, ọ̀nà kan ni yìnyín á gbárajọ sí, níbi tí gáàsì ti ń wọlé, ìyókù ògiri á wà lásán. Bó bá ṣe pé rọ́bà ilẹ̀kùn ló là, ìhà ibẹ̀ ni á ti nípọn jù. Síbẹ̀ mo yẹ rọ́bà náà wò: mo fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, mo tì í, mo fà á, mo ṣe bẹ́ẹ̀ yíká. Ó dì í mú níbi gbogbo. Mo yí kóńtíróòlù sí 1, mo jókòó tì í. Bí ògiri ṣe tutù tó yẹn, ó yẹ kó ti dún kẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Kò dákẹ́.

Mo tú ike tó bo kóńtíróòlù. Ẹ wá wo ìwà ìkà! Kóńtíróòlù ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan, páìpù kékeré tí gáàsì wà nínú rẹ̀. Ìrù yẹn ló yẹ kó wọ inú ihò lọ sẹ́yìn ògiri kó lè fara kan ibi tó ń tutù, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì dúró. Ọkùnrin yìí ká a jọ sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù, ó sì bò ó! Afẹ́fẹ́ inú ike yẹn, àti ooru gílóòbù bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, ni ìrù yẹn ń gbọ́. Báwo ni kóńtíróòlù ṣe fẹ́ mọ̀ pé ògiri ti di òkúta yìnyín? Kí ènìyàn tó fa ti àtijọ́ jáde, ṣebí ó yẹ kó fi sẹ́lótéèpù sàmì sí ibi tó wọlé dé, kó sì ti tuntun wọ ibẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Nítorí pé ó sá fún un, ó tún padà wá gbowó gáàsì lé e.

A yọ wáyà kúrò lára iná, a kó wàrà sínú kúlà, a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Mo gbé abọ́ omi gbígbóná síbẹ̀, mo ń pààrọ̀ rẹ̀, mo sì tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀. Ọ̀bẹ kò kan ògiri náà o! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin tó ń fi ọ̀bẹ àti súkúdíráfà gbẹ́ yìnyín: páìpù wà lẹ́yìn ike yẹn, bí ẹ bá dá a lu, ìgbà náà ni gáàsì á tán lóòótọ́, páìpù tó wà nínú ògiri sì ṣòro láti fi iná jó pọ̀. A jẹ́ kó yọ́ tán pátápátá, nítorí yìnyín máa ń dì nínú ihò tí ìrù ń gbà, bí ìyẹn kò bá yọ́ ìrù kò ní wọlé dé ibi tó yẹ. Mo rọra tì í wọlé láìjẹ́ kó ṣẹ́ títí ó fi dé òpin, mo dí ẹnu ihò kí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ìgbà òjò má baà máa gbabẹ̀ wọlé. Mo sì da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ihò ìsàlẹ̀ ògiri, kó lè ṣàn geere lọ sẹ́yìn.

Gáàsì tó ti pọ̀ jù ńkọ́? Lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn fíríìjì kọ irú gáàsì tó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀: R600a, 52g. Gíráàmù 52 péré! Ìwọ̀nba tí ọwọ́ lásán kò lè mọ̀, òṣùwọ̀n ló lè sọ ọ́. R600a sì ń gbiná, ẹni tó bá ń tan iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ń fi ẹ̀mí ṣeré. Ìta gbangba ni mo gbé e sí, mo tú gbogbo rẹ̀ jáde, mo fi pọ́ǹpù fa inú rẹ̀ gbẹ, mo sì wọn 52 sí i. Mo fi kóńtíróòlù sí 3. Nígbà tó ṣe, ògiri funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti òkè délẹ̀, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, ẹ̀kán omi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wálẹ̀ lójú Àlàájà. A fi tẹmómítà sínú ife omi láàárín fíríìjì mọ́jú. Ó ka 4.

Mo wá bẹ Àlàájà pé kó máa dé wàrà àti omi rẹ̀, kó jẹ́ kí ọbẹ̀ gbígbóná tutù kó tó gbé e wọlé, nítorí oru wọn náà ń di yìnyín, kó sì jẹ́ kí àyè ìka méjì wà láàárín abọ́ àti ògiri.

Bí ẹ bá ń gbọ́ fáànù tó ń fẹ́ nínú fíríìjì tiyín, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ yín. Irú ìyẹn kò gbọdọ̀ ní yìnyín lójú ògiri rárá. Bó bá ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ hítà tó ń yọ́ yìnyín wò, àti fáànù, àti ohun tó ń dá àkókò fún hítà, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ gáàsì.

Àlàájà ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn pé kó dá owó gáàsì òun padà. Ọkùnrin náà ní òun ti ṣiṣẹ́ òun. Iṣẹ́ wo? Kó wá ṣàlàyé rẹ̀ lójú mi, kó sì gbé òṣùwọ̀n tó fi wọn gáàsì náà dání.