Ẹ má pè é ní jagunjagun: èrò mi lórí ọ̀rọ̀ ìdágbére fún sójà tó kú sẹ́nu iṣẹ́ àlàáfíà

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa kà létí sàréè ní itẹ́ òkú àwọn ológun tó wà lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Abuja: "Akọni jagunjagun, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáàbò bo ilẹ̀ baba rẹ̀." Bó bá jẹ́ Sambisa ni sójà náà kú sí, ọ̀rọ̀ náà bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Darfur ní Sudan tàbí Làìbéríà ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ wálé, ẹlòmíì ni wọ́n ń sin yẹn.

Kì í ṣe ilẹ̀ baba rẹ̀ ló lọ ṣọ́. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Wọ́n fún un ní ìbọn, wọ́n sì kì í nílọ̀ pé kò gbọdọ̀ yìn ín àfi láti fi gba ara rẹ̀ tàbí àwọn aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ tí wọ́n ní kó máa ṣọ́. Ní Jaji, lápá Kaduna, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn kí wọ́n tó lọ, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ wọn létí ni bí èèyàn ṣe ń dúró láàárín ẹni méjì tó ń jà láìgbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Yorùbá ti ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Onílàjà ni, onílàjà ló sì ń fara gbọgbẹ́. Bí olùsọ̀rọ̀ bá gbá ọ̀rọ̀ yìí mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù á tò lẹ́yìn ara wọn fúnra wọn.

Ohun tí olùsọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ajúdántì, ìyẹn ọ̀gá tó ń bójú tó ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, kò ju mẹ́rin lọ: ta ló rán wọn lọ, ìlú wo ni àgọ́ wọn wà, iṣẹ́ wo ni òkú náà ń ṣe lójoojúmọ́, kí ló sì pa á. Ibi àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ti máa ń ṣìnà jù. Gbogbo èèyàn kàn ń sọ pé "ó wọ akoto aláwọ̀ búlúù ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé". Àwọn ECOMOG tó wọ Làìbéríà ní 1990 kì í ṣe ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló rán wọn. Ní Haskanita, ní Darfur, nígbà tí wọ́n ya lu àgọ́ ẹ̀ṣọ́ àlàáfíà lóru ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2007, ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ ló kú, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún lásìkò yẹn. Ìparí ọdún yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà tó di ti àjọ méjèèjì pa pọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ á dúró létí sàréè, wọ́n á sì gbọ́ ọ bí o bá fi fìlà ẹlòmíì dé òkú lórí. Wọn ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n látìgbà náà lọ wọn ò ní gba ìyókù ohun tí o sọ gbọ́ mọ́.

Ìbéèrè kẹrin ló ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọta ìbọn ló pa wọ́n. Ibà ni, tàbí àìsàn mìíràn, tàbí ọkọ̀ tó dojú dé. Àwọn ẹbí kan máa ń tijú èyí, olùsọ̀rọ̀ náà á sì máa fi "ó kú bí akin" bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ò rí ìdí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ibà pa ní ibi tí ìjọba rán an lọ, ẹnu iṣẹ́ ló kú sí. Sọ ọ́ bó ṣe rí, ní gbólóhùn kan, má sì fi ẹ̀jẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ kún un. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà pé kó pa ẹnu mọ́ ni ìgbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí kò bá tíì parí iṣẹ́ lórí ikú náà. Nígbà náà, "ó kú lẹ́nu iṣẹ́" tó. Bó bá fi ohunkóhun kún un níbẹ̀, ìgbìmọ̀ náà lè wá sọ ohun mìíràn fún ẹbí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyẹn á sì dá ọgbẹ́ náà padà.

Oríkì wá ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n kì í, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ ìlà tí wọ́n máa mú. Bí òkú náà bá jẹ́ ọmọ Ìkòyí, ìlà tó máa kọ́kọ́ sọ sí gbogbo wa lẹ́nu ni pé ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi ń gba ọgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kà á lójú òkú ẹni tí ibà pa, kí o sì wo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣe máa wolẹ̀. Àwọn ìlà mìíràn wà nínú oríkì náà tí kò mú ọfà dání, ìyẹn ni kó mú.

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní kọ́pùrá kan ni, ọmọ Ọ̀fà, Mùsùlùmí, tó kú sí ìwọ̀-oòrùn Darfur nígbà tí ọkọ̀ wọn yí dànù. Ta ló yẹ kó sọ̀rọ̀? Kì í ṣe ọ̀gá àgbà tí kò mọ̀ ọ́n rí. Sájẹ́ǹtì tó wà lórí àwọn ẹ̀ṣọ́ bíi mẹ́wàá tí òkú náà wà láàárín wọn ni. Ọ̀gá àgbà náà lè ka orúkọ, nọ́ńbà àti ọdún tó wọṣẹ́, kó sì jókòó. Ohun tí sájẹ́ǹtì lè sọ rèé:

"Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀yin ẹbí rẹ̀. Èmi ni sájẹ́ǹtì tí ọmọ yín bá ṣiṣẹ́ ní El Geneina. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló wà nínú àgọ́ níbẹ̀. Igi ìdáná ti tán nítòsí, àwọn obìnrin sì ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n máa ṣẹ́. Ojú ọ̀nà yẹn ni àwọn kan ti ń dè wọ́n, tí wọ́n ń ṣe wọ́n bí kò ṣe yẹ. Iṣẹ́ wa ni ká sin wọ́n lọ, ká dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi di ẹrù wọn, ká sì sin wọ́n bọ̀. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ni ọmọ yín máa ń wà, torí ẹ̀yìn ni àwọn ìyá àgbà tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn máa ń wà. Lọ́jọ́ tó kú, òjò ti rọ̀ lókè odò. Odò gbígbẹ tí a là kọjá láàárọ̀ ti kún nígbà tí à ń bọ̀, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ yí. Kò sẹ́ni tó yìnbọn fún un. Gbogbo obìnrin tó sìn lọ lọ́jọ́ náà ló padà délé. Ọmọ Ọlálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Bó bá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ẹ wá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í."

Kò ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ bí ó bá rọra kà á. Ẹ wò ó pé kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn obìnrin náà ní tààrà. Ọmọdé wà níbẹ̀, àgbà sì ti gbọ́. Ẹ wo ìlà oríkì náà pẹ̀lú. Ìjàkadì ni ó mú, kì í ṣe ogun. Nínú ìjàkadì, ẹni tó dá ni àti ẹni tí wọ́n dá jọ máa ń dìde nílẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn sì kì í ṣe àfikún lásán fún Mùsùlùmí. Wọ́n ní láti sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó lè bá a dúnàádúrà wà: àwọn ará báráàkì, àwọn tí wọ́n jọ dá àjọ, ìyá tó ń tà á lóúnjẹ.

Bó ṣe jẹ́ Mùsùlùmí, kí wọ́n bá lemọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ ṣáájú. Òkú tó ti òkèèrè wá máa ń wà nínú pósí tí wọ́n ti lẹ̀ pa, ó sì ti pẹ́ ju bí ẹ̀sìn ṣe fẹ́ lọ, nítorí náà lemọ́ọ̀mù kì í fẹ́ kí ohunkóhun tún fà á sẹ́yìn. Ní ìmọ̀ tèmi, kí ọ̀rọ̀ náà wá ṣáájú ìrun òkú, kí pósí ṣì wà lókè, kí àsíá ṣì wà lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ká àsíá, ọwọ́ ologun ni gbogbo nǹkan wà: wọ́n á sọ òkú kalẹ̀, wọ́n á yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀mẹta, fèrè á fun Láàsì Póòsì, orin ìdágbére àwọn sójà, gbogbo èèyàn á dákẹ́, fèrè á tún fun èyí tí wọ́n fi ń jí sójà láàárọ̀, wọ́n á sì gbé àsíá lé aya tàbí ẹbí lọ́wọ́. Kò sí àyè tí ẹnu èèyàn lè gbà wọ inú ètò yẹn. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń kọ pé kí ọ̀rọ̀ ìdágbére tẹ̀ lé fèrè. Rárá o. Lẹ́yìn fèrè yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan kan.

Kí ó tó kúrò níwájú, kí sájẹ́ǹtì yẹn sọ fún wọn pé ìbọn máa dún lẹ́ẹ̀mẹta, pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ìbọn àkọ́kọ́ ló máa ń ṣe ìyàwó òkú àti àwọn ọmọ kéékèèké lọ́ṣẹ́ bí wọn ò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí páálí líle, lẹ́tà gàdàgbà, lójú kan ṣoṣo. Ọyẹ́ Abuja á fẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn lójú, tàbí kó gbé e sínú sàréè.

Ó ku ìyá àti bàbá. Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ló máa jókòó sí Ọ̀fà nígbà tí wọ́n ń sin ọmọ wọn ní Abuja, ológun tí kò mọ àṣà yìí á sì rò pé wọn ò bìkítà. Àwọn tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dé etí wọn kò sí níbẹ̀. Láyé àtijọ́, irun orí àti èékánná ẹni tó kú sí òkèèrè ni wọ́n ń gbé wálé fún wọn. Lónìí, wọ́n gbé gbogbo ara rẹ̀ wálé, ṣùgbọ́n Abuja ni wọ́n gbé e dé. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan sì ka kúkúrú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọ̀gá. Kí wọ́n gba ohùn sájẹ́ǹtì náà sílẹ̀ sórí fóònù, nítòsí ẹnu rẹ̀, torí atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, kí sájẹ́ǹtì náà fúnra rẹ̀ mú páálí yẹn dání lọ sí Ọ̀fà, kó dọ̀bálẹ̀, kó sì kà á fún wọn nínú ilé.