"Ṣé ìràwọ̀ yín bára mu?" Àmì Oòrùn nìkan kò tó fi dáhùn

Ẹni méjì tó bá ń gbèrò àtifẹ́ra lóde òní kò ní ṣàì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́: "Kí ni ìràwọ̀ ẹ? Kí ni tiẹ̀?" Bí ọ̀kan bá jẹ́ Kánsà, tí èkejì jẹ́ Sikọ́píò, wọ́n á ní ó ti bọ́ sí i, omi pàdé omi. Bó bá jẹ́ Líò àti Tọ́rọ́ọ̀sì, wọ́n á ní kí oníkálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Àwọn kan ti tìtorí ìdájọ́ yìí kọ ẹni tí ìbá yẹ wọ́n. Ìdájọ́ náà kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àní nínú òfin iṣẹ́ ìwòràwọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Awòràwọ̀ pín ọ̀nà tí Oòrùn ń tọ̀ lójú ọ̀run, dígíríì 360, sí àmì 12. Dígíríì 30 ni àmì kọ̀ọ̀kan, Oòrùn sì ń lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Oòrùn wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ ni àmì Oòrùn rẹ, òun ni wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ rẹ. Wọ́n tún pín àmì 12 náà sí iná, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi, mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n ní iná bá iná àti afẹ́fẹ́ mu, ilẹ̀ bá ilẹ̀ àti omi mu. Ẹ wá kà á: bí o bá jẹ́ omi, àmì omi mẹ́ta àti àmì ilẹ̀ mẹ́ta ló bá ọ mu. Mẹ́fà nínú 12 nìyẹn. Ìdajì gbogbo ènìyàn tó wà láyé ló bá ọ mu, ìdajì kò sì bá ọ mu. Ìwọ̀n tó fún ìdajì ayé ní èsì kan náà kò lè sọ ohun kan pàtó nípa ẹni tó wà níwájú rẹ.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ni àṣà yìí ti gbilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1930, ìwé ìròyìn Sunday Express ti Lọ́ńdọ̀nù ní kí awòràwọ̀ kan tó ń jẹ́ R. H. Naylor kọ nípa ọmọbìnrin ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, Margaret. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀, ni ó bá di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ jáde déédéé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà pé kí gbogbo òǹkàwé lè rí tiwọn kà, ọjọ́ ìbí nìkan ni kí wọ́n lò, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìrọ̀rùn ìwé títẹ̀ ló bí i. Ṣáájú ìgbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1,800 sẹ́yìn ní Alẹkisáńdíríà, awòràwọ̀ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Ptolemy ti kọ́ni pé bí a bá ń wo tọkọtaya, kí a wo ibi tí Oòrùn àti Òṣùpá ọ̀kan wà sí Oòrùn àti Òṣùpá èkejì. Àtẹ ìbí méjì, ìyẹn àwòrán ojú ọ̀run nígbà tí wọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ló ní ká gbé síwájú, kì í ṣe àmì méjì.

Wọ́n sì ti dán àmì Oòrùn wò. David Voas ti Yunifásítì Manchester lo ètò ìkànìyàn ọdún 2001 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, tọkọtaya tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Bí omi bá ń wá omi lóòótọ́, bó ti wù kó kéré mọ, ó yẹ kó hàn nínú iye tó pọ̀ tó báyẹn. Kò hàn. Ohun tó ta yọ ni pé àwọn tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan náà pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó tú u wò, àṣìṣe ìwé kíkún ni: ẹni tó kún fọ́ọ̀mù kọ ọjọ́ ìbí kan náà fún ara rẹ̀ àti fún ẹnìkejì rẹ̀.

Kí wá ni àtẹ ìbí ní tí àmì Oòrùn kò ní? Àtẹ náà jẹ́ àwòrán ojú ọ̀run ní wákàtí tí wọ́n bí ènìyàn, láti ibi tí wọ́n ti bí i. Nínú rẹ̀, Òṣùpá ni awòràwọ̀ kọ́kọ́ ń wò fún tọkọtaya, nítorí òun ni wọ́n fi ń ka ohun tí ń fọkàn ẹni balẹ̀ nínú ilé. Kì í lò ju ọjọ́ méjì àtààbọ̀ lọ nínú àmì kan. Nítorí náà, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí gbogbo ọmọ Kánsà fi ń jẹ́ Kánsà, Òṣùpá á ti yí gbogbo àmì 12 po. Fẹ́nọ́ọ̀sì, ìràwọ̀ tí àwa Yorùbá ń pè ní Àgùàlà, ni wọ́n fi ń ka bí ẹni ṣe ń fẹ́ni àti irú ìfẹ́ tó ń gbà. Kì í jìnnà sí Oòrùn ju dígíríì 48 lọ, síbẹ̀ ọmọ Kánsà lè ní Àgùàlà nínú àmì márùn-ún, láti Tọ́rọ́ọ̀sì títí dé Fágò. Ẹ̀kẹta ni dígíríì tó ń yọ ní ìlà oòrùn ní ìṣẹ́jú ìbí, tí wọ́n fi ń ka bí ẹni ṣe ń wọ inú ayé àti irú ẹni tó ń fà mọ́ra. Ìyẹn yára jù: ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin ló ń fi dígíríì kan rìn, àmì rẹ̀ sì ń yí padà ní nǹkan bíi wákàtí méjì.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n bí Charles, tó jẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 1948, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 14 alẹ́. Wọ́n bí Diana ní Sandringham, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1961, ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú 15 alẹ́. Sikọ́píò àti Kánsà. Ní ti àmì Oòrùn, kò sí èyí tó tún bára mu jù ú lọ. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1981, wọ́n pínyà ní 1992, ilé ẹjọ́ sì tú wọn ká ní 1996.

Ẹ wo dígíríì wọn. Oòrùn Charles wà ní dígíríì 22 Sikọ́píò, ti Diana wà ní 9 Kánsà. Igun 120 ni wọ́n ń sọ pé ó wà láàárín Kánsà àti Sikọ́píò, òun ni igun ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n Oòrùn méjèèjì yìí fi nǹkan bíi dígíríì 133 jìnnà síra. Awòràwọ̀ tó fara balẹ̀ kì í gbà ju dígíríì mẹ́jọ lọ ní ìyàtọ̀, èyí sì kọjá 12. Àní ó sún mọ́ igun 135, tí wọ́n kà mọ́ igun ìjà. Ìbára-mu tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òṣùpá Diana la ó wò tẹ̀ lé e. Ó wà ní 25 Àkuéríọ́ọ̀sì. Àgùàlà rẹ̀ wà ní 24 Tọ́rọ́ọ̀sì, Yúránọ́ọ̀sì wà ní 23 Líò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba igun mẹ́ta nínú onígun mẹ́rin ọgbọọgba, ti Sikọ́píò nìkan ló ṣófo. Kí ó tó pàdé ọkọ kankan ni ìfà yìí ti wà nínú àtẹ tirẹ̀: Òṣùpá àti Àgùàlà ń fẹ́ ìtọ́jú àti ìfọwọ́kàn, Yúránọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi ń ka ìdẹ́kun òjijì àti òmìnira, ń já okùn náà. Ibi tó ṣófo yẹn gan-an ni Oòrùn Charles bọ́ sí. Ó dojú kọ Àgùàlà rẹ̀ ní igun 180, ó sì di igun 90 sí Òṣùpá rẹ̀, ìyàtọ̀ kò ju dígíríì mẹ́ta lọ. Ní èdè awòràwọ̀, kí ọkùnrin náà kàn máa jẹ́ ara rẹ̀ lásán ti tó láti fọwọ́ kan ibi tó ń ro obìnrin náà. Bó bá jẹ́ àmì Oòrùn nìkan lo wò, ìwọ kò lè rí èyí láéláé.

Àtẹ náà kì í sọ búburú nìkan. Máàsì Charles wà ní 21 Sajitéríọ́ọ̀sì, dígíríì tó ń yọ nígbà ìbí Diana sì jẹ́ 18 Sajitéríọ́ọ̀sì. Ìpàdé ni wọ́n ń pe ìyẹn, ara a máa fa ara níbẹ̀. Ìfararora àti ìrora lè wà nínú àtẹ tọkọtaya kan náà, bí wọ́n ṣe wà nínú ilé kan náà. Ohun tó yẹ kí a fi àtẹ wá nìyẹn: ibi tí ó ti rọrùn, ibi tí ó ti le, àti ta ni ó le fún. "Ẹ bára mu" tàbí "ẹ kò bára mu" kì í ṣe èsì.

Kí a má ṣi ara wa lọ́nà. Lẹ́yìn tí ilé ti túká ni gbogbo ènìyàn ń rí igun 90, ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ní irú igun bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé pọ̀. Carl Jung, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, kó àtẹ tọkọtaya 483 jọ, ó sì gbé e jáde ní 1952. Nínú 180 àkọ́kọ́, ìpàdé Oòrùn ẹnìkan pẹ̀lú Òṣùpá ẹnìkejì ta yọ gan-an. Bí iye wọn ṣe ń pọ̀ sí i ló ń rẹlẹ̀, títí ó fi di ohun tí kò yàtọ̀ sí kòńgẹ́. Ẹni tó bá fi àtẹ sọ fún ọ pé ìgbéyàwó rẹ yóò túká ń purọ́. Kí tọkọtaya fi í ṣí ọ̀rọ̀ tí wọn kò tíì bára wọn sọ nípa ohun tí ń fọkàn wọn balẹ̀, ìyẹn ni ó lè ṣe.

Wákàtí ìbí ló sì ń ba àtẹ jẹ́ jù. Wákàtí ìbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ni wọ́n ti sọ nípa Diana: àwọn kan kọ́kọ́ lo aago méjì ọ̀sán. Bó bá jẹ́ ìyẹn, Líbírà ni yóò máa yọ, ìpàdé pẹ̀lú Máàsì á sì pòórá. Ṣùgbọ́n Òṣùpá á kàn sún sẹ́yìn bíi dígíríì mẹ́ta, onígun mẹ́rin náà á ṣì dúró. Tún wò ó pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sún síwájú wákàtí kan. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á sún dígíríì tó ń yọ ju mẹ́wàá lọ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín oṣù kẹwàá 1968 àti oṣù kẹwàá 1971 ní láti ṣọ́ra, nítorí aago kò padà sẹ́yìn nígbà òtútù ní àwọn ọdún yẹn. Ní ti Lomé àti Kùtọnu, aago wọn fi wákàtí kan yàtọ̀ síra. Bí o bá ń lo astro.com, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe àtẹ, ìlú ìbí gan-an ni kí o kọ, má fi ìlú tó sún mọ́ ọn dípò.

Bí ìyá bá ní lẹ́yìn ìrun àsùbá ni, kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣe àtẹ méjì: ọ̀kan fún aago márùn-ún ààbọ̀, ọ̀kan fún aago méje. Ohun tó bá wà nínú méjèèjì nìkan ni kí o lò. Òṣùpá kò ní sún tó dígíríì kan láàárín ìgbà náà, ṣùgbọ́n dígíríì tó ń yọ á ti sún ju 20 lọ, fi í sílẹ̀. Bí o bá mọ ọjọ́ tí o kò mọ wákàtí rárá, lo ọ̀sán gangan, kí o sì mọ̀ pé Òṣùpá lè fi dígíríì mẹ́fà sí méje ṣáájú tàbí kó wà lẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ ọjọ́ inú ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni, tí wọ́n fojú dá, má fi ṣe àtẹ. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé ìgbà tí wọ́n sọmọ lórúkọ, kí o fi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn dé ọjọ́ ìbí.