Kápásítọ̀ kì í dín yúnìtì tí mọ́tò ń jẹ kù

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ní ilé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ ní Màsífà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo tún bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí ó ti sú mi í gbọ́: pé mọ́tò tí ó ń yí lásán ń jẹ yúnìtì lọ rẹpẹtẹ, àti pé bí a bá ti so kápásítọ̀ mọ́ ọn, ohun tí mítà ń kà yóò já sí ìdajì. Ẹni tí ó ta àpótí kápásítọ̀ fún Bàbá tí ó ni ẹ̀rọ ti fi mítà ẹlẹ́nu, èyí tí a ń fi gbá wáyà mú, hàn wọ́n pé 6 ámpì ni kí ó tó so ó, ó sì di 1.4 lẹ́yìn tí ó so ó tán. Mítà náà kò purọ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà.

Mọ́tò ìndọ́kṣọ̀n ni, onífésì mẹ́ta, 7.5 kW, tí ó ń lo 415 fólítì. Kò sí wáyà tí ó gbé iná wọ inú apá tí ó ń yí. Òòfà tí wáyà apá tí ó dúró ń dá sílẹ̀ ni ó ń gba àlàfo tín-ín-rín kọjá láti yí i. Òòfà yìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, èlùbọ́ ìbáà wà lẹ́nu ẹ̀rọ tàbí kí ó má sí, àlàfo yẹn sì ni ó mú kí kọ́rẹ́ntì tí ó ń gbé e ró pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tí a fi dá òòfà sílẹ̀ kì í tán. Ó ń wọlé, ó sì ń padà sórí wáyà, bí ọmọ tí a rán lọ sí ọjà tí ó gbé gbogbo owó padà wálé: ó rìn lójú ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ná kọ́bọ̀.

Nígbà tí èlùbọ́ kún ẹnu ẹ̀rọ, mọ́tò yìí ń ná nǹkan bí 8.5 kW, àlọ-àbọ̀ rẹ̀ sì tó 5.3 kVAr. A kì í ro méjèèjì pọ̀ bí ẹni ka owó, àpapọ̀ ohun tí wáyà ń gbé jẹ́ 10 kVA. Bí a bá fi 10 pín 8.5, a ó rí 0.85, èyí tí à ń pè ní páwà fákítọ̀. Nígbà tí ó bá ń yí lásán, èyí tí ó ń ná yóò já wálẹ̀ sí 0.6 kW péré, ṣùgbọ́n àlọ-àbọ̀ ṣì wà ní 4.3 kVAr. Páwà fákítọ̀ wá di 0.14, nítorí pé ìnáwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ìrìn kò dín kù tó bẹ́ẹ̀.

Kápásítọ̀ náà a máa gba agbára, a sì máa dá a padà, ṣùgbọ́n ìgbà tí òòfà ń gbà ni òun ń dá padà. Àwọn méjèèjì yóò máa ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn, ìyókù nìkan ni yóò sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Àpótí 3.5 kVAr ni wọ́n so, nínú 4.3, ó ku 0.8, ìdí nìyẹn tí 6 ámpì fi di 1.4. Nígbà tí mo sì gbé mítà ẹlẹ́nu sórí wáyà tí ó wà láàárín kápásítọ̀ àti mọ́tò, 6 ámpì náà ni ó ṣì kà níbẹ̀.

Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí a lọ sí ìdí mítà pripéèdì wọn. Wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí ojú rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé iná pupa ara rẹ̀ yóò ṣẹ́jú ní ìgbà 1000 kí yúnìtì kan tó lọ. A pa gbogbo gílóòbù, a jẹ́ kí mọ́tò máa yí lásán pẹ̀lú kápásítọ̀, a sì kà á fún ìṣẹ́jú kan: ìgbà 10. A pa iná, a dúró kí kápásítọ̀ tú agbára inú rẹ̀ dànù, a yọ ọ́, a sì tún bẹ̀rẹ̀: ìgbà 10. Bàbá ní, “Ọmọ mi, ṣé o ò ṣì í kà?” Wọ́n fúnra wọn kà á lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì dákẹ́.

Àwọn tí ó ń sọ pé yúnìtì àwọn ti ń pẹ́ sí i kò tíì lè sọ fún mi rí iye wákàtí tí iná fi wà ní oṣù náà. N ó gbà pé ooru tí ń ṣòfò nínú wáyà láti ìdí mítà dé ìdí mọ́tò yóò dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀rọ tí mítà wà lára ògiri rẹ̀, kò tó ohun tí ojú lè kà.

Jẹnẹrétọ̀ ni kápásítọ̀ ń ràn lọ́wọ́, àti tíráńsífọ́mà, nítorí pé bí èlùbọ́ bá kún, 10 kVA yóò di 8.7. Kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di ńlá ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a bá so 10 kVAr mọ́ mọ́tò yìí nígbà tí ó ń yí lásán, kọ́rẹ́ntì yóò gòkè sí nǹkan bí 8 ámpì dípò kí ó dín kù. Bí iná bá sì lọ nígbà tí ọlọ ṣì ń yí, kápásítọ̀ yóò máa bọ́ òòfà náà, mọ́tò yóò sọ ara rẹ̀ di jẹnẹrétọ̀, fólítì rẹ̀ sì lè ga débi tí yóò fi ba wáyà inú rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi jẹ́ kí ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àlọ-àbọ̀ ìgbà tí mọ́tò ń yí lásán lọ. Ó jẹ́ nǹkan bí 3.9 kVAr níbí, nítorí náà ọkùnrin tí ó ta àpótí náà mọ ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kò dára.

Bàbá fi àpótí wọn sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí jẹnẹrétọ̀. Mọ́tò wọn a máa yí lásán fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ nígbà tí wọ́n ń retí oníbàárà, èyí tí ó jẹ́ yúnìtì 2.4, ní báyìí, bí kò bá sí ẹni tí ó gbé èlùbọ́ dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn a pa á.